Ìwọ̀n Eku Nìwọ̀n Ìtẹ́: Fífi ATR Wọn Ibi Tí Sítọ́ọ̀pù Yẹ Kó Wà

“Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. SOL, kọ́ìnì Solana, ni mò ń ṣòwò, mo sì máa ń di tirédì kan mú fún bí ọjọ́ mẹ́ta sí márùn-ún. Ìdá 3 nínú ọgọ́rùn-ún sísàlẹ̀ ibi tí mo ti rà ni mo máa ń fi sítọ́ọ̀pù sí. Iye á sọ̀kalẹ̀ wá kàn án, á jù mí síta, lẹ́yìn náà ni á wá gòkè lọ síbi tí mo ti sọ tẹ́lẹ̀. Wọ́n ní kí n lo ATR. Ẹnì kan ní ìlọ́po 1, ẹlòmíì ní 2, ẹlòmíì tún ní 3. Èwo ni kí n mú? Owó mi jẹ́ 2,000 dọ́là, lẹ́fúrẹ́ẹ̀jì 10 ni mo sì ń lò.”

Àbúrò mi, jẹ́ kí n kọ́kọ́ fún ọ lésì kí n tó ṣàlàyé rẹ̀. ATR, ìyẹn Average True Range, ni ìwọ̀n bí iye ṣe máa ń rìn tó. Ẹni tó ń di SOL mú fún ọjọ́ mẹ́ta sí márùn-ún, ATR ṣáátì ojoojúmọ́ ni kó lò, ìlọ́po 2 ni kó sì fi bẹ̀rẹ̀. Lẹ́yìn náà, kó fi àwọn tirédì tirẹ̀ yẹ ìlọ́po náà wò, nítorí kò sẹ́ni tó lè ti ìta mọ bí o ṣe ń yan ibi tí o ń rà. Ṣùgbọ́n bí sítọ́ọ̀pù bá ti jìnnà sí i, iye kọ́ìnì tí ò ń rà gbọ́dọ̀ dínkù, lẹ́fúrẹ́ẹ̀jì 10 yẹn, ìyẹn owó àyálò tó ń sọ òwò rẹ di ìlọ́po mẹ́wàá, ò sì lè bá a gbé rárá. Ibi tí ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣìnà nìyẹn. Wọ́n á fa sítọ́ọ̀pù jìnnà, wọ́n á fi ìyókù sílẹ̀ bó ṣe wà, àdánù kan ṣoṣo á wá tó mẹ́ta ti tẹ́lẹ̀.

J. Welles Wilder, ará Amẹ́ríkà, ló gbé ATR jáde ní 1978. Ohun tó fẹ́ mọ̀ ni bí ọjà kan ṣe máa ń rìn tó lóòjọ́, yálà ó ń gòkè ni o, tàbí ó ń sọ̀kalẹ̀. Àwọn ọjà tó ń wò nígbà náà máa ń tì lálẹ́. Iye lè parí sí 100 lónìí, kó ṣí sí 106 lọ́la, kó wá máa rìn láàárín 105 sí 108 títí wọ́n fi tún tì. Bí o bá yọ iye tó lọ sílẹ̀ jù kúrò nínú èyí tó ga jù lọ́jọ́ kejì yẹn, 3 péré lo máa rí. Bẹ́ẹ̀, ẹni tó ti rà á láti àná mọ̀ pé láti 100 lọjà ti gbéra, 8 ló sì rìn. Ìdí nìyẹn tí Wilder fi ní ká wo iye ìparí àná pẹ̀lú, ká sì mú èyí tó tóbi jù nínú ìwọ̀n mẹ́ta:

```
TR  = max(H - L, |H - C1|, |L - C1|)
ATR = (ATR1 * 13 + TR) / 14
```

H ni iye tó ga jù lọ́jọ́ náà, L ni èyí tó lọ sílẹ̀ jù, C1 ni iye ìparí àná. TR ni ìrìn ọjọ́ kan ṣoṣo. ATR1 ni ATR àná: a sọ ọ́ di ìlọ́po 13, a fi ìrìn tòní kún un, a pín in sí 14. Gbogbo ohun tó wà níbẹ̀ nìyẹn. ATR kò mọ̀ bóyá kọ́ìnì máa lọ sókè tàbí sísàlẹ̀, kò sì yẹ kí o bi í.

Ọjà kọ́ìnì kì í tì, kò sí òpin ọ̀sẹ̀, kò sí ọdún, nítorí náà iye ìparí àná àti iye ìṣí tòní fẹ́rẹ̀ẹ́ máa ń jẹ́ ọ̀kan náà. Ohun tí ìyẹn ń sọ fún wa ni pé fún SOL, ìrìn ọjọ́ kan kì í sábà ju H yọ L lọ. Àmọ́ ó tún gbé nǹkan míì wá. Níwọ̀n bí ọjà ò ti ń tì, àwọn èèyàn ti fẹnu kò pé 00:00 UTC ni ọjọ́ kan parí, ìyẹn aago kan òru ní Nàìjíríà àti Benin. Bí o bá wo ATR láago mẹ́jọ àárọ̀, àbẹ́là tòní, ìyẹn àmì ìrìn ọjọ́ òní lórí ṣáátì, ṣì kéré, wákàtí méje péré ló ti lò, ó sì ti ń fa ATR rẹ wálẹ̀. ATR àbẹ́là tó ti parí ni kí o máa lò, ìyẹn ti àná. Nínú Pine, èdè kóòdù ìkànnì ṣáátì TradingView, `ta.atr(14)[1]` ló máa gbé e fún ọ. Bí o bá ń fi ojú wò ó, gbé àmì asin rẹ lé àbẹ́là àná kí o sì ka nọ́ńbà rẹ̀.

Jẹ́ ká fi nọ́ńbà ṣe é. Àpẹẹrẹ ni èyí, kì í ṣe iye SOL lónìí. Ká ní ATR ti ìjẹta jẹ́ 8.40 dọ́là. Lánàá, iye tó ga jù jẹ́ 153, èyí tó lọ sílẹ̀ jù jẹ́ 144, ó sì parí sí 148. Ìrìn àná jẹ́ 9. A sọ 8.40 di ìlọ́po 13, ó di 109.2, a fi 9 kún un, ó di 118.2, a pín in sí 14, ATR tuntun di 8.44. Lónìí, o rí ohun tí ò ń wá, o rà á ní 150.

Wá wo sítọ́ọ̀pù ìdá 3 rẹ. Ìdá 3 nínú 150 jẹ́ 4.50 dọ́là. Kọ́ìnì tó máa ń rìn 8.44 láàárín òru kan sí èkejì lo wá fún ní àyè 4.50 pé kó má kọjá, àní fún ọjọ́ márùn-ún gbáko! Díẹ̀ báyìí ló fi ju ìdajì ìrìn ọjọ́ kan ṣoṣo lọ. Bí o bá rà níbi tó fi díẹ̀ ga ju àárín ìrìn ọjọ́ náà lọ, tí ohunkóhun ò sì ṣẹlẹ̀ rárá, tí kò sí ìròyìn, tí kò sí ẹni ńlá tó ń tà, ìrìn ojúmọ́ lásán ti tó láti kàn án. Nítorí náà, àsọtẹ́lẹ̀ rẹ lè dára gan-an kó sì máa pa ọ́ lówó. Ìdá 3 yẹn kò ti ara SOL wá. Fún Bítíkọ́ìnì ní àkókò tó bá dákẹ́, ó lè tó ìrìn ọjọ́ kan tàbí kó jù bẹ́ẹ̀. Fún kọ́ìnì kékeré kan tó ń rìn ìdá 15 lóòjọ́, wákàtí mélòó kan péré ló lè fi kàn án.

O lè béèrè pé kí ló dé tí ìlọ́po 1 kò fi tó, nígbà tó jẹ́ pé ìrìn ọjọ́ kan gan-an ló jẹ́. Ọjọ́ tí o fi ń di tirédì mú ni ìdí rẹ̀. Bí ọjọ́ bá ṣe ń pọ̀, bẹ́ẹ̀ ni àyè tí iye lè rìn dé ń fẹ̀, ṣùgbọ́n kì í fẹ̀ ní ìlọ́po kan náà, nítorí iye kì í rìn lójú kan. Á lọ, á bọ̀. Ìfojúbù tí àwọn onímọ̀ ń lò ni pé ó ń fẹ̀ bíi gbòǹgbò ìlọ́po-méjì iye ọjọ́. Gbòǹgbò 4 jẹ́ 2, nítorí náà ìrìn ọjọ́ mẹ́rin lápapọ̀ máa ń súnmọ́ ATR méjì. Kì í ṣe pé gbogbo rẹ̀ ló máa wá sí ìsàlẹ̀ ibi tí o ti rà, ṣùgbọ́n o ti rí i pé ibi tí 2 ti ń wá fún ẹni tó ń ṣòwò bíi tìẹ nìyẹn. Ẹni tó ń wọlé láàárọ̀ tó ń jáde nírọ̀lẹ́ kò nílò tó bẹ́ẹ̀. Ẹni tó ń di kọ́ìnì mú fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta nílò ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ìṣirò kan náà ló ń tú àṣìṣe kan fó tí mo máa ń rí léraléra. Èèyàn á ṣí ṣáátì wákàtí kọ̀ọ̀kan torí ibẹ̀ ló ti ń wá ibi tó máa rà, á mú ATR ibẹ̀, á sọ ọ́ di ìlọ́po 2, á sì gbà pé òun ti ṣe ohun tí wọ́n ní kóun ṣe. Ọjọ́ kan jẹ́ wákàtí 24, gbòǹgbò 24 sì jẹ́ nǹkan bíi 4.9. Bí ATR ojoojúmọ́ bá jẹ́ 8.44, ti wákàtí kan á wà ní nǹkan bíi 1.7. Ìlọ́po 2 rẹ̀ jẹ́ 3.4, èyí tó tún há ju ìdá 3 rẹ lọ. O lè lo ṣáátì kékeré láti yan ibi tí o ti máa rà, kò sóhun tó burú ńbẹ̀, àmọ́ ṣáátì tó bá iye ọjọ́ tí o máa fi dúró mu ni kí o fi wọn sítọ́ọ̀pù.

Wàyí o, lórí 1, 2 àti 3 tí wọ́n sọ fún ọ. Àwọn tó sọ wọ́n lè má parọ́, oríṣi òwò tí kálukú wọn ń ṣe ló yàtọ̀. Èyí tó jẹ́ tìrẹ wà nínú ṣáátì, o sì lè yọ ọ́ jáde láàárín ọjọ́ kan sí méjì. Padà sẹ́yìn lórí ṣáátì SOL, kí o wá ibi ọgbọ̀n ó kéré tán tí òfin tìrẹ ì bá ti ní kí o rà. Má ṣa èyí tó dùn nìkan. Mú gbogbo wọn tẹ̀ léra. Fún ọ̀kọ̀ọ̀kan, kọ ATR àbẹ́là tó parí kí o tó rà sílẹ̀. Má fi sítọ́ọ̀pù kankan sí i. Wò ó títí ọjọ́ márùn-ún rẹ fi pé, kí o kọ ibi tó jìn jù tí iye dé nísàlẹ̀ ibi tí o ti rà, kí o sì fi ATR yẹn pín in. Bí o bá rà ní 120, tí iye wálẹ̀ dé 111 kó tó gbéra, tí ATR sì jẹ́ 7.5, 9 tí a pín sí 7.5 jẹ́ 1.2. Kọ 1.2 sílẹ̀.

Nígbà tí o bá parí, ya àwọn tó mú èrè wá sọ́tọ̀ kúrò lára àwọn tó mú àdánù wá. Ìwọ á rí ohun kan tí kò sẹ́ni tó lè sọ fún ọ látòde: bí àwọn tirédì rẹ tó dára ṣe máa ń rì tó kí wọ́n tó gòkè. Ká ní mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá wọn kò rì kọjá 1.6, tí ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó burú sì rì kọjá 2.5. Ó ti yé ọ pé 2 ló máa dá àwọn tó dára sí, tó sì máa gé àwọn tó burú kúrò kí wọ́n tó wọ inú rẹ. Bí o bá rí i pé ti rere àti ti búburú ń rì bákan náà, kò sí ìlọ́po tó máa tún un ṣe. Ibi tí o ti ń rà ni kí o lọ wò. Má sì lé ẹyọ nọ́ńbà lẹ́yìn àmì ìdá kiri. Bí ọgbọ̀n tirédì bá sọ fún ọ pé 1.87 ló dára jù, 2 ló ń sọ. Ìyókù jẹ́ ìrántí ohun tó ti kọjá lórí ṣáátì yẹn, kò ní padà wá bẹ́ẹ̀ mọ́.

Ká padà sí àpẹẹrẹ wa. Ìlọ́po 2 ti 8.44 jẹ́ 16.88. A yọ ọ́ kúrò nínú 150, ó ku 133.12. ATR ti fún wa ní ìwọ̀n àyè, ṣùgbọ́n kò mọ ohun tó wà níbi tó bọ́ sí, nítorí náà wo ṣáátì. Bí ìsàlẹ̀ tí iye ti gbéra kẹ́yìn bá wà ní 134.50, ó dára: sítọ́ọ̀pù rẹ wà lábẹ́ rẹ̀. Bó bá jẹ́ 132.80 ni ìsàlẹ̀ yẹn wà, o ti fi sítọ́ọ̀pù sí òkè rẹ̀ díẹ̀, ibi tí òwú àbẹ́là kan lè gùn dé kí iye tó tún gbéra láti ibi tó ti gbéra tẹ́lẹ̀. Nígbà náà, gbé e lọ sí 131.90 tàbí bẹ́ẹ̀, kí o sì fi àyè tuntun yẹn ṣe ìṣirò iye kọ́ìnì. Kí n tó rà, sísàlẹ̀ nìkan ni mo máa ń tún un ṣe sí. Bí mo bá ti ń wá ìdí láti fà á súnmọ́, mo ti mọ̀ pé iye kọ́ìnì tí mo fẹ́ rà ló ń bá mi sọ̀rọ̀.

Iye kọ́ìnì ló kàn. Ká ní o gbà pé ìdá 1 nínú ọgọ́rùn-ún owó rẹ lo lè pàdánù lórí tirédì kan, ìyẹn 20 dọ́là nínú 2,000. Pín 20 sí 16.88: 1.18 SOL. Yọ owó tí ìkànnì tí o ti ń ṣòwò ń gbà kúrò. Bí wọ́n bá ń gba ìdá 0.1 nígbà tí o rà àti nígbà tí o tà, ó fi díẹ̀ lé ní 30 sẹ́ǹtì lápapọ̀. Rà 1.16. Bí sítọ́ọ̀pù bá kàn, ìlọ́po 1.16 ti 16.88 jẹ́ 19.58, a fi owó ìkànnì kún un, kò tíì pé 20. Owó tí kọ́ìnì náà gbà lọ́wọ́ rẹ jẹ́ 174 dọ́là.

Fi wé ti tẹ́lẹ̀. Pẹ̀lú àyè 4.50, 20 dọ́là kan náà ì bá ra 4.44 SOL, ìyẹn 666 dọ́là. Mo mọ̀ pé ó máa ń dunni láti wo 174 níbi tí 666 ti wà tẹ́lẹ̀, ibẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ ń kọsẹ̀. Wọ́n á mú àyè 16.88, wọ́n á ṣì ra 4.44, àdánù kan á sì di 75 dọ́là. Sítọ́ọ̀pù rẹ ti jìnnà, èrè tí o retí gbọ́dọ̀ tẹ̀ lé e. Bí o bá fẹ́ gba ìlọ́po méjì ohun tí o fi wewu, o ń wá 33.76 dọ́là, ìyẹn ATR mẹ́rin, láàárín ọjọ́ márùn-ún. Gbòǹgbò 5 jẹ́ 2.2. Kì í sábà ṣẹlẹ̀. Nítorí náà, yálà kí o fún tirédì tó ń lọ dáadáa láyè ju ọjọ́ márùn-ún lọ, tàbí kí o gba èrè tó kéré sí i ní ẹ̀ẹ̀kan, kí o má sì fi 33.76 sójú ìwé lásán.

Lẹ́fúrẹ́ẹ̀jì 10 ńkọ́? Àyè 16.88 nínú 150 jẹ́ ìdá 11.25. Pẹ̀lú lẹ́fúrẹ́ẹ̀jì 10 lórí Isolated, níbi tó ti jẹ́ owó tí o yà sọ́tọ̀ fún tirédì náà nìkan ló wà nínú ewu, owó tí o fi dúró fún tirédì jẹ́ ìdá 10 iye rẹ̀, ìkànnì ò sì ní dúró kó tán pátápátá. Kí iye tó sọ̀kalẹ̀ ní ìdá 10, wọ́n á ti fipá pa tirédì náà dé. Sítọ́ọ̀pù rẹ wà ní 133.12, wọ́n sì máa lé ọ jáde ní òkè 135. O fi sítọ́ọ̀pù síbi tí kò lè ṣiṣẹ́ láéláé. Bí o bá gbọ́dọ̀ lo lẹ́fúrẹ́ẹ̀jì rárá, kí ibi tí wọ́n ti máa fipá lé ọ jáde jìnnà ju sítọ́ọ̀pù rẹ lọ dáadáa. 3 ni mo lè fara mọ́ níbi yìí. Àmọ́ pẹ̀lú 174 dọ́là nínú 2,000, kò sóhun tí o fẹ́ fi owó àyálò ṣe. Ra kọ́ìnì náà fúnra rẹ̀.

ATR máa ń tannijẹ lẹ́ẹ̀mejì, ìgbà méjèèjì sì ṣeé mọ̀. Àkọ́kọ́ ni nígbà tí ọjà bá ti dákẹ́ fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan. ATR á ti sọ̀kalẹ̀, ìlọ́po 2 rẹ̀ á há, bẹ́ẹ̀ àkókò ìdákẹ́jẹ́ bẹ́ẹ̀ gan-an ni ọjà ti sábà máa ń ta kìjí. Ohun tí mo ń ṣe ni kí n fi ATR ọjọ́ 50 sẹ́gbẹ̀ẹ́ ti ọjọ́ 14. Bí ti 14 bá kéré ju ti 50 lọ, ti 50 ni mo fi ń wọn àyè.

Ìkejì ni lẹ́yìn ọjọ́ burúkú kan. Ká ní SOL rìn 40 dọ́là lọ́jọ́ kan ṣoṣo, nígbà tí ATR jẹ́ 8.44. ATR á fò sí 10.69 lọ́jọ́ yẹn. Bí ọjà bá padà sí ìrìn rẹ̀ tẹ́lẹ̀ lọ́jọ́ kejì gan-an, ó ṣì máa tó ọjọ́ mẹ́sàn-án sí mẹ́wàá kí ìdajì àfikún yẹn tó yọ́ kúrò, torí ìdá kan nínú 14 ló ń yọ́ lóòjọ́. Bí àwọn nọ́ńbà rẹ kò bá bára mu láàárín ìkànnì kan sí èkejì, wo ibí yìí: lórí TradingView, ohun tí a kọ sí Smoothing jẹ́ RMA, ìyẹn ti Wilder; MetaTrader ń lo ìpín dọ́gba lásán, nítorí náà ọjọ́ burúkú yẹn á dúró ṣinṣin nínú ATR rẹ̀ fún ọjọ́ 14, á sì já bọ́ lẹ́ẹ̀kan náà lọ́jọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún. Kò sí èyí tó burú nínú méjèèjì, ṣùgbọ́n èyí tí o fi ṣe ìdánwò ọgbọ̀n tirédì rẹ ni kí o máa lò lọ. Mú un láti inú ṣáátì ìkànnì tí o ti ń ṣòwò pẹ̀lú, torí òwú gígùn kan lè wà níbì kan tí kò sí níbòmíì.

Nígbà tí o bá ti rà, dá ATR dúró síbẹ̀. Bí iye bá ń sọ̀kalẹ̀, àwọn àbẹ́là á máa gùn, ATR á máa ga, ẹni tó ń tún ìṣirò ṣe lójoojúmọ́ á wá máa fa sítọ́ọ̀pù sísàlẹ̀ níwájú àdánù tó ń bọ̀. 133.12 ni, 133.12 náà ló máa jẹ́. Ọ̀nà òkè nìkan ni sítọ́ọ̀pù lè gbà. Chuck LeBeau, oníṣòwò kan, ní ọ̀nà kan tí ọ̀pọ̀ ń lò fún ìyẹn: mú iye tó ga jù láti ìgbà tí o ti rà, yọ ATR mẹ́ta kúrò nínú rẹ̀. Bí SOL bá dé 172 tí ATR sì jẹ́ 9, 172 yọ 27 jẹ́ 145. Ó ti ga ju 133.12 lọ, gbé e lọ síbẹ̀. Bó bá di ọ̀la tí ìṣirò náà ní 144, fi í sílẹ̀ ní 145.

Ohun kan ṣì wà tí ATR ò lè ṣe. Ohun tó ti ṣẹlẹ̀ ló ń wọn. Ní oṣù kọkànlá 2022, nígbà tí FTX, ìkànnì òwò kọ́ìnì kan, wó, SOL já láti òkè 30 dọ́là sí ìsàlẹ̀ 15 láàárín ọjọ́ díẹ̀, kò sì sí ATR ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú tó ní irú ìrìn bẹ́ẹ̀ nínú. Nírú ọjọ́ bẹ́ẹ̀, irú àṣẹ tí o fún ìkànnì ló máa sọ ohun tó kù. Stop-Limit máa ń tà ní iye tí o dá tàbí èyí tó sàn jù ú lọ. Bí iye bá fò kọjá rẹ̀, kò ní tà, kọ́ìnì náà á wà lọ́rùn rẹ títí dé ìsàlẹ̀. Stop-Market á tà níyekíye tó bá bá. Èyí ni kí o lò, kí o sì gbà pé iye tó máa bá lè burú ju 133.12 lọ.

Burú tó báwo? Ṣe ìṣirò rẹ̀ kí o tó rà. Ká ní SOL já láti 150, tí àṣẹ rẹ ò rí ẹni rà títí ó fi dé 75. Pẹ̀lú 1.16 SOL, 87 dọ́là ló lọ, ìdá 4 àti díẹ̀ nínú owó rẹ. Ó dunni, ṣùgbọ́n o ṣì wà lórí ìjókòó. Pẹ̀lú 4.44 tí sítọ́ọ̀pù ìdá 3 jẹ́ kí o máa rà, 333 dọ́là ni, ìdá kan nínú mẹ́fà gbogbo ohun tí o ní, bí o bá tiẹ̀ fi owó ara rẹ rà á. Bó bá jẹ́ orí lẹ́fúrẹ́ẹ̀jì ni, tí o sì fi í sí Cross dípò Isolated, gbogbo 2,000 náà ni ìkànnì lè kó ọwọ́ lé láti fi dí àlàfo yẹn. Lọ wo èyí tí tìrẹ wà lórí rẹ̀ báyìí.